Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ ló ba VR jẹ́: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù gémù ní Ìkòròdú

Ṣọ́ọ̀bù gémù kan wà lọ́nà Ìgbógbò ní Ìkòròdú, ti ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta ló wà níbẹ̀: méjì fún bọ́ọ̀lù, ẹ̀kẹta fún VR, ẹ̀rọ tí à ń gbé sójú láti fi wo inú ayé gémù yí ká, tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Bọ́ọ̀lù kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. VR ló di ẹjọ́. Oníbàárà á sanwó, á gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tó ń bo ojú, sórí, kò ní pẹ́ tí á fi bọ́ ọ kúrò pé òòyì ń kọ́ òun, kí wọ́n dá owó òun padà. Nígbà tí ìyá náà pè mí, ó ti ra sitabuláísà tuntun, ó sì ti pààrọ̀ ibi tí wọ́n ti ń fa iná lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Ẹnjiníà, bí iná ìjọba bá wà, nǹkan yìí ń ṣe bó ṣe yẹ. Bí a bá ti tan jẹ́nẹ́ báyìí, ó ti di wèrè nìyẹn. Iná jẹ́nẹ́ yẹn ni kò bá a lára mu."

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, torí iná jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sójú kan. Àmọ́ mo mọ̀ pé adápítọ̀ àpótí VR yẹn, àpótí kékeré tó so hẹ́dísẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀rọ gémù, ń gba iná láti 100 dé 240 fóòtì, fóòtì 12 ló sì ń gbé jáde. Bí iná tó wọlé bá ń lọ sókè sódò láàárín ìwọ̀n yẹn, adápítọ̀ á gbé e mì, àpótí kò tilẹ̀ ní mọ̀. Bí iná bá burú kọjá ìyẹn, gbogbo rẹ̀ á kú pátápátá ni. Kò sí bí iná burúkú ṣe lè mú kí ayé inú VR máa rọra yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere. Nítorí náà mo ní kí wọ́n má tíì ra nǹkan kan kún un mọ́ títí n óò fi dé.

Irú èyí tí wọ́n ní ni VR tó jáde lọ́dún 2016 fún ẹ̀rọ gémù PS4, tí wọ́n kọ CUH-ZVR1 sí lára. Mo ní láti sọ bí ó ṣe ń mọ ibi tí orí èèyàn wà, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé. Iná kéékèèké mẹ́sàn-án ló wà lára hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, búlúù ni wọ́n ń tàn; púpọ̀ wà níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì wà lẹ́yìn. Kámẹ́rà tó wà níwájú ẹni tó ń ṣeré ń wo àwọn iná yẹn. Ojú méjì ni kámẹ́rà náà ní, ìyẹn ló fi ń mọ bí iná kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó. Nínú hẹ́dísẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tún wà tó ń mọ̀ bí orí bá yí tàbí bó bá sún. Sẹ́ńsọ̀ yìí yára ju kámẹ́rà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí àkókò ti ń lọ, ó máa ń ṣìnà díẹ̀díẹ̀. Kámẹ́rà ni kì í jẹ́ kó ṣìnà jìnnà. Bí kámẹ́rà bá ti ń rí iná dáadáa, gbogbo àṣìṣe kéékèèké sẹ́ńsọ̀ ló ń tún ṣe kí oníbàárà tó fura.

Bí èèyàn bá wo òkè tàbí wo ilẹ̀, agbára òòfà ilẹ̀ ń jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà, kò lè ṣìnà púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá yíjú sọ́tùn-ún tàbí sósì, kò sí nǹkan kan nínú hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tó lè sọ pé ibi báyìí ni iwájú. Kámẹ́rà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ayé VR fi máa ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá ń rìn, tí kì í rìn lọ sókè. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ohun tó ń wò ń gòkè lọ, ìgbàanú orí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, bóyá ó ń yọ̀ lórí rẹ̀.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù náà láàárọ̀, iná ìjọba wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá náà, tó ń bá a mójú tó ibẹ̀, gbé VR sílẹ̀ fún mi lórí tábìlì, ó tan PS4, ó tan hẹ́dísẹ́ẹ̀tì. Mo gbé e sórí, mo jókòó, mo wò ó fún ìgbà pípẹ́. Kò rìn, kò fò. Ìyá náà ń wò mí bí ẹni pé ṣebí òun ti wí i.

Mo bi ọmọ náà léèrè pé ṣé kì í ṣe wèrè rárá bí iná ìjọba bá wà. Ó kọ́kọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún rò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ òótọ́, ó máa ń fò nígbà mìíràn tó bá di nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí iná tó lọ pàápàá." Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá nìyẹn. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí jẹ́nẹ́ kò tíì dún, a jẹ́ pé kì í ṣe jẹ́nẹ́ nìkan ló jẹ̀bi.

Mo wá bi í pé fífò àti rírìn, ṣé ọ̀kan náà ni. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í béèrè rẹ̀, torí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "ó ń ṣe kúrákúrá". Bí ayé inú VR bá ń rọra yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí orí èèyàn dúró jẹ́ẹ́, sẹ́ńsọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò tí kò tọ́. Bí ó bá ń fò lójijì, tí ọwọ́ tàbí ara èèyàn ṣàdédé wà níbòmíràn, tó tún padà, kámẹ́rà ló ń rí nǹkan mìíràn tó rò pé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ni. Bí ojú bá dúdú pátápátá, wáyà ni. Ọmọ náà dá mi lóhùn pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣe. Ó ní rírìn pọ̀ jù lẹ́yìn tí iná bá lọ, fífò pọ̀ jù nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, dídúdú kò ní àkókò.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rírìn. Mo ní kó ṣe gbogbo ohun tó máa ń ṣe bí iná bá lọ nígbà tí oníbàárà wà lórí ìjókòó. Ó pa iná ní ògiri. Ó ká ọwọ́ mọ́ra bí ẹni tó ń sáré lọ fa okùn jẹ́nẹ́, ó padà wọlé, ó tan iná padà, ó tan PS4. Kò gba hẹ́dísẹ́ẹ̀tì lórí mi. Orí mi ló wà tó fi tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lára wáyà, torí ara wáyà ni bọ́tìnnì irú ti 2016 wà. Èmi náà ṣe bí oníbàárà: mo ń yíjú wo ibi tó ń rìn lọ, mo ń bá ìyá sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwòrán dé, mo dúró jẹ́ẹ́. Kò pẹ́ tí yàrá inú gémù fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọra yí lọ sósì. Iná ìjọba la sì ń lò o.

Ohun tó fà á kò ju èyí lọ: ìgbà tí a bá tan hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ni sẹ́ńsọ̀ máa ń fi mọ ohun tí à ń pè ní dídúró. Bó bá wà lórí ẹni tó ń mira, á gba ìmìra yẹn bí ẹni pé òun ni dídúró jẹ́ẹ́, gbogbo ìṣirò tó bá ṣe lẹ́yìn náà á sì wọ́. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. Kí wọ́n gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn, kí wọ́n jẹ́ kí àwòrán dé kí wọ́n tó gbé e fún oníbàárà. Lẹ́yìn náà, oníbàárà á wo iwájú gan-an, wọ́n á wá tẹ bọ́tìnnì OPTIONS lára páàdì mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè padà sáàárín. Títẹ OPTIONS máa ń gbé àwòrán padà sáàárín, ṣùgbọ́n kì í wo rírìn sàn. Ọ̀pọ̀ onígémù ló ń tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà, tí wọ́n rò pé wọ́n ti tún un ṣe.

Nígbà tí a tan jẹ́nẹ́ lóòótọ́, tí a sì tan hẹ́dísẹ́ẹ̀tì lórí tábìlì, kò rìn mọ́. Ìyá náà wo sitabuláísà rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn yọ tí n kò retí. Àwòrán ń gbọ̀n. Kò fò, kò sì rìn; ó kàn ń gbọ̀n wẹ́wẹ́, bíi pé ojú ẹni ń sán. Irú gbígbọ̀n yìí gan-an ló máa ń yára fún èèyàn ní òòyì, torí ara kò mọ̀ ọ́n, ojú ló ń rí i.

Mo bọ́ ọ, mo wo ibi tí kámẹ́rà wà. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ sókè lára ògiri kí àwọn tó ń wòran lè rí i, wọ́n kan pákó kan mọ́ ògiri lókè rẹ̀, orí pákó yẹn ni kámẹ́rà wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà méje sí ilẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an ni jẹ́nẹ́ wà, lábẹ́ òrùlé páànù kékeré. Mo gbé ife omi kan sórí pákó náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Ojú omi ń ru wìwì. A pa jẹ́nẹ́, omi dúró. Kò sí àlàyé tó tún kù: kámẹ́rà kò mọ̀ pé òun ló ń mì, ohun tó mọ̀ ni pé àwọn iná búlúù ń mì, ó sì ń sọ fún PS4 pé orí oníbàárà ló ń gbọ̀n. Ohun tí ìyá náà rí kì í ṣe irọ́ nígbà náà. Jẹ́nẹ́ wà nínú ẹjọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ògiri ló gbà wọlé, kì í ṣe ojú wáyà.

Ẹni tí kò ní jẹ́nẹ́ lẹ́yìn ògiri lè bá irú èyí pàdé lọ́wọ́ fáànù. Fáànù onídùúró tó ń fẹ́ sí kámẹ́rà tó wà lórí bèbè tẹlifíṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ á máa mì í. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì sórí, kó dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ fi ìka kan tẹ ohun tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀. Bí ẹni náà bá ní ayé òun mì, ẹ ti rí i.

Ọ̀rọ̀ fífò ló pẹ́ jù, torí a ní láti dúró de ìrọ̀lẹ́. Mi ò fẹ́ tún ohun tí n kò tíì rí ṣe. Mo fi àkókò yẹn wo wáyà, n óò dé ibẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí aago márùn-ún ti ń bọ̀, oòrùn wọlé gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà, ó ba kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí wọ́n ń kó mínírà sí lẹ́yìn ìjókòó VR. Mo ní kí ọmọ náà gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì sórí, kó tẹ bọ́tìnnì PS mọ́lẹ̀, kó wọ `Adjust PlayStation VR`, kó yan `Confirm Your Position`. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti ń fi ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rí han èèyàn. Bí VR bá ń fò, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ojúkojú ni a wà pẹ̀lú ọ̀ràn náà: ojú àti èjìká ọmọ náà wà láàárín, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, àwọn iná búlúù kò sì hàn dáadáa mọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Nínú gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù, mo tún rí àwọn búlúù mìíràn. Nígbà tó yí orí, iná ẹ̀yìn hẹ́dísẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gan-an ló tún yọ nínú gíláàsì. Kámẹ́rà ń rí orí méjì.

Ilẹ̀ ṣú, iná ìjọba lọ, wọ́n tan jẹ́nẹ́. Bí wọ́n bá ti tan jẹ́nẹ́ lálẹ́, ọmọ náà máa ń tan iná rọ́bà tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ yí ògiri ẹ̀yìn ká, kí àwọn tó ń kọjá lè mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ṣí. Àwọ̀ wo ni? Búlúù. Ní `Confirm Your Position`, ó tò lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn orí rẹ̀, ìlà iná búlúù kan gbọọrọ. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì náà ń fò bí ẹyẹ. A pa iná rọ́bà yẹn, ó dúró. A tan án, ó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń pa á tó ń tàn án láti fi rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni gbogbo nǹkan ṣe para pọ̀ di ẹ̀sùn fún jẹ́nẹ́. Nígbà tí iná bá lọ ni wọ́n ń tan hẹ́dísẹ́ẹ̀tì lórí oníbàárà, nígbà náà ni ògiri ń mì, nígbà náà ni iná rọ́bà ń tàn. Iṣẹ́ mẹ́ta ni, àkókò kan náà ni wọ́n ń dé. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́ á sọ ohun tí ìyá yẹn sọ.

Kí n wá padà sí wáyà. Ọ̀nà tí wáyà VR yìí gbà lọ máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú torí àpótí kékeré kan wà láàárín PS4 àti tẹlifíṣọ̀n. Wáyà HDMI tó ń gbé àwòrán jáde láti PS4 kì í lọ sí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ó máa wọ ojú tí wọ́n kọ PS4 sí lẹ́yìn àpótí. HDMI mìíràn á jáde láti ojú tí wọ́n kọ TV sí, òun ló ń lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Bí a bá ki ọ̀kan bọ ojú èkejì, àwòrán kò ní jáde. Wáyà USB kan tún so àpótí mọ́ iwájú PS4, adápítọ̀ wọ ẹ̀yìn àpótí, kámẹ́rà sì ní ojú tirẹ̀ lẹ́yìn PS4 tí wọ́n kọ AUX sí. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, gbogbo ìyẹn tọ̀nà. Nǹkan kan péré ni mo bá wọn wí: wọ́n máa ń yọ USB àpótí láti fi ojú rẹ̀ ṣáàjì páàdì, bí wọ́n bá sì gbàgbé láti dá a padà, PS4 kò ní mọ̀ pé VR wà.

Dídúdú kò ti ibẹ̀ wá. Wáyà tó ń jáde lára hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, apá òsì ló ti ń jáde. Kò gùn púpọ̀ kó tó dé ibi tí wọ́n ti kì í bọ wáyà gígùn tó ń lọ sí àpótí. Oríkèé yẹn, tó tóbi, tó sì wúwo, ló ń rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Àpótí sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún yàrá. Nítorí náà wáyà máa ń kọjá níwájú ẹsẹ̀ oníbàárà láti òsì lọ sọ́tùn-ún, bí oníbàárà bá sì yíjú sọ́tùn-ún gidigidi, orí rẹ̀ ń fa oríkèé náà. Mo fọwọ́ rọra tẹ̀ ẹ́ níbi ìkìbọ̀ nígbà tí ọmọ náà ń wò ó: ojú dúdú, ó padà, ojú dúdú. Mo fà á yọ, mo fi burọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku inú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ padà títí ó fi dún. Ó dára díẹ̀, kò dára tán. Wọ́n ti ń lo ìkìbọ̀ náà tipẹ́.

A kó gbogbo ìjókòó VR náà tò lọ́tun. Mo fi ibi tí kámẹ́rà yóò wà ṣe ìpìlẹ̀, torí wáyà rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà méjì lọ, ibi tó bá dúró sí ni PS4 gbọ́dọ̀ sún mọ́. A fi ògiri jẹ́nẹ́ sílẹ̀, a gbé tẹlifíṣọ̀n VR lọ sí ògiri ẹ̀gbẹ́, tí ilẹ̀kùn kò kọjú sí, tí kọ́bọ́ọ̀dù mínírà kò sì sí lódìkejì rẹ̀. Ìyá náà kò kọ́kọ́ fẹ́. Ó ní àwọn tó ń kọjá lọ́nà ni ó yẹ kí wọ́n rí VR, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Òótọ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹnu ọ̀nà yẹn ṣe lè dára fún kámẹ́rà ní ìrọ̀lẹ́. A wá kọ tẹlifíṣọ̀n náà sí igun tí ẹni tó bá yọjú lè fi rí i.

Gíga kámẹ́rà ni ohun kejì tí a yí. Ẹsẹ̀ bàtà méje ga jù fún ẹni tó jókòó. Bí kámẹ́rà bá ń wo èèyàn láti òkè bẹ́ẹ̀, àtàrí ló ń rí, iná iwájú á rún mọ́ra lójú rẹ̀, bí ẹni náà bá sì tẹrí ba láti wo ohun tó wà nílẹ̀ nínú gémù, iná á pamọ́. A gbé e sórí irin tí a kàn mọ́ ilẹ̀, kì í ṣe mọ́ ògiri, ní gíga tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú ẹni tó jókòó mu, ó ga sókè díẹ̀ ju ojú lọ, ó sì rọra dojú kọ ilẹ̀. Torí pé ìjókòó sún mọ́ kámẹ́rà jù tẹ́lẹ̀, a fà á sẹ́yìn títí ó fi tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Bí èèyàn bá sún mọ́ kámẹ́rà jù, orí rẹ̀ á hàn, ṣùgbọ́n bó bá na ọwọ́ tó di Move mú, ọ̀pá tí kámẹ́rà fi ń mọ ibi tí ọwọ́ wà, sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ ti kúrò nínú àwòrán nìyẹn, ọwọ́ inú gémù á sì máa léfòó lọ. Bó bá jìnnà jù, iná á kéré lójú kámẹ́rà.

Àpótí VR ni a wá gbé sápá òsì ìjókòó, kí ó lè wà ní ẹ̀gbẹ́ tí wáyà ti ń jáde lórí. Wáyà kò gba iwájú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́: ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gòkè lẹ́yìn ìjókòó, ó sì kọjá lórí ìkọ́ kọ́tìnì kan tí mo fi rọ́bà so, kí ó lè máa gùn bí orí bá yí. Ní oríkèé, mo ká wáyà méjèèjì ní òrùka kan kí wọ́n tó kì bọ ara wọn, mo fi okùn so òrùka náà mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Bí ẹnikẹ́ni bá fà á báyìí, òrùka ló ń gbà á, kì í ṣe ìkìbọ̀. Mo sì fi àyè sílẹ̀ yí àpótí ká, torí fáànù kékeré wà nínú rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ti fi ń bò ó tẹ́lẹ̀ nítorí eruku.

Lẹ́yìn ìtòtò yẹn ni mo tó wọ `Settings`, `Devices`, `PlayStation VR`, tí mo ṣe `Adjust VR Headset Tracking Lights`. Ó máa ń ní kí èèyàn di hẹ́dísẹ́ẹ̀tì mú síwájú kámẹ́rà, kó mú iná rẹ̀ bá àmì tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n mu. A kì í kọ́kọ́ ṣe èyí. Bí ẹ bá ṣe é nígbà tí oòrùn ṣì wà lẹ́yìn tàbí tí gíláàsì ṣì ń tàn, ẹ ń kọ́ kámẹ́rà ní nǹkan tí kò tọ́ ni. Mo fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu ojú méjèèjì kámẹ́rà àti iná mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, torí òógùn oníbàárà àti eruku ti bo ti ẹ̀gbẹ́.

Iná rọ́bà búlúù náà ṣì wà. Ìyá ní òun kò ní yọ ọ́, owó òun ni. A gbé e lọ sí òde, sórí ẹnu ọ̀nà, níbi tó ti wúlò jù. Mo tún sọ fún ọmọ náà pé kó má gbé VR fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá, ohun tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn kọ nìyẹn, àti pé ẹni tó bá ní òòyì ń kọ́ òun kó bọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé. Àwọn kan wà tí òòyì á kọ́ bí kámẹ́rà tilẹ̀ rí dáadáa, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà a dán an wò pẹ̀lú jẹ́nẹ́. Ife omi lórí irin tuntun dúró. Ọmọ náà jókòó fún ìgbà pípẹ́, kò rìn, kò gbọ̀n. Ó dúdú lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tó fi gbogbo ara yí sọ́tùn-ún, ó sì padà fúnra rẹ̀. Mo sọ fún ìyá pé wáyà gígùn yẹn yóò béèrè ìpààrọ̀ láìpẹ́, kó sì wá tòkunbọ̀ tó jẹ́ ti ZVR1 gan-an, torí ìkìbọ̀ ti ZVR2 tó jáde tẹ̀lé e kò bá a mu. Ó tún wà pé bí ẹni tó ń ṣeré bá kọ̀yìn sí kámẹ́rà, tí ara rẹ̀ bo ọ̀pá Move, ọwọ́ inú gémù á sọnù. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà, iwájú ló wà, kò sí ìtòtò tó lè yí ìyẹn padà. Gémù tí a ń jókòó ṣe ni kí wọ́n máa fi fún àwọn èèyàn ní àyè tóóró bẹ́ẹ̀.

Ìyá bi mí léèrè iye tí òun lè ta sitabuláísà náà. Mo ní kó má tà á, kó gbé e sídìí fíríìjì.